Ọ̀já Dúdú Lára Ògiri: Àkọsílẹ̀ Fídíò Ìránṣọ Kan Tí Iná Ń Ṣẹ́jú Nínú Rẹ̀

Fídíò tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ti obìnrin kan tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìránṣọ, tí ó sì máa ń fi kámẹ́rà gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò sí nítòsí. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kò tóbi. Ògiri funfun kan wà lẹ́yìn tábìlì, máṣíìnì ìránṣọ wà lórí tábìlì náà, fèrèsé kan wà lápá òsì, iná fuloresẹ́ńtì gígùn mẹ́rin àtijọ́ sì wà lára àjà. Iná mànàmáná tí ó wọ ilé náà jẹ́ ti hẹ́ẹ̀tì 50. Ohun tí ó ń bá a fínra ni pé ọ̀já dúdú méjì fífẹ̀ máa ń hàn lára ògiri funfun náà nínú fídíò, wọ́n máa ń rọra gòkè bí ẹni pé ẹnì kan ń fà wọ́n láti òkè, gbogbo àwòrán náà sì ń gbọ̀n lójú ẹni tí ó ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí ó bá dúró nínú yàrá náà kò ní rí nǹkan kan tí ó jọ ọ́. Ògiri funfun ni, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

“Ṣé kámẹ́rà yìí ló ti bàjẹ́ ni?” Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ti ń múra láti ra òmíràn. Mo ní kí ó fún mi ní ojúlówó fáìlì náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jáde láti inú kámẹ́rà, kì í ṣe èyí tí ó ti gba orí fóònù kọjá, nítorí pé fáìlì tí a fi ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù sábà máa ń pàdánù àwọn férémù kan, ìyẹn àwọn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí ó para pọ̀ di fídíò, àwọn férémù gan-an ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò.

Inú fáìlì náà ni a ti rí i pé férémù 30 ni kámẹ́rà ń gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (ní pàtó, 29.97, bí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ṣe ń ṣe é), àti pé ṣọ́tà rẹ̀ wà lórí ìdáṣe, èyí tí ó jẹ́ pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bí ṣọ́tà yóò ṣe pẹ́ tó. Lọ́sàn-án, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, 1/250 ni ó yàn, ìyẹn ni pé férémù kọ̀ọ̀kan ń gba ìmọ́lẹ̀ fún ìdá kan nínú igba ó lé àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Mo wá ń sún fídíò náà síwájú ní férémù kan lẹ́yìn èkejì, mo sì fi ìka sí ibi tí ọ̀já ìsàlẹ̀ wà lára ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ ìṣó kan tí wọ́n fi kọ́ sísọ́ọ̀sì. Ní férémù kejì, ọ̀já náà ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó, ó ti sún sókè. Ní férémù kẹta, ó tún ti sún sí i. Ní férémù kẹrin, òmíràn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó náà, ní ibi tí ti àkọ́kọ́ wà, àfi pé ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ ga jù ú lọ.

Àmì yìí tó láti dá ohun tí ó fa ìṣòro náà mọ̀. Iná mànàmáná hẹ́ẹ̀tì 50 ń yí padà lọ síwájú àti sẹ́yìn ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n gílóòbù kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn: bí iná bá ń lọ, yóò tàn, bí ó bá ń bọ̀, yóò tún tàn, àárín méjèèjì ni yóò ti rọlẹ̀. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ inú yàrá náà ń gòkè, ó sì ń rọlẹ̀ ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú ènìyàn kò lè bá eré yẹn, kámẹ́rà ló lè bá a. Bí a bá pín 100 sí 30, ìgbì ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò bọ́ sí àárín férémù kan àti èkejì. Ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù yìí ni ó ń sún ọ̀já náà kúrò ní ipò rẹ̀. Lẹ́yìn férémù mẹ́ta, àṣẹ́kù náà á pé odidi kan, ọ̀já á sì padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Fífò yìí, tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni ìgbọ̀nrìrì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rí. Bí ó sì ṣe jẹ́ 29.97 ni, tí kì í ṣe 30 gan-an, ọ̀já náà kì í padà sí ibi kan náà pátápátá, ó máa ń fi díẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi dà bí ẹni pé ó ń rọra gun ògiri.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gòkè tí ó ń rọlẹ̀, kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo férémù ló dúdú lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó fi jẹ́ ọ̀já? Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà yìí, ìyẹn ojú inú rẹ̀ tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀, bíi ti fóònù àti ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní, kì í ka gbogbo ojú rẹ̀ pọ̀. Ìlà orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kà, yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà kan lẹ́yìn òmíràn títí dé ìsàlẹ̀. Ìlà tí ó bọ́ sí àkókò tí ìmọ́lẹ̀ rọlẹ̀ yóò dúdú, èyí tí ó bọ́ sí àkókò tí ó ga yóò mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ka iye ọ̀já dúdú tí ó wà nínú férémù kan lè fi mọ bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń yára tó: ọ̀já méjì lábẹ́ ìgbì 100 túmọ̀ sí pé kíka sẹ́ńsọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ń gba nǹkan bí 2/100 ìṣẹ́jú-àáyá. A óò nílò ìṣirò kékeré yìí nígbà tí a bá dé orí iná tábìlì.

Kí ẹ̀rí náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo bí yóò ti rí ká ní hẹ́ẹ̀tì 60 ni iná ilé náà. Ìgbì 120 ni ìmọ́lẹ̀ ìbá máa ní, 120 sì ṣe é pín sí 30 láìṣẹ́kù. Ọ̀já ìbá wà o, nítorí pé ṣọ́tà 1/250 ni, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí láti férémù dé férémù. Ìdúró ọ̀já tàbí ìrìn rẹ̀ ń sọ bí iye férémù ṣe bá iná mu sí. Kò sọ bóyá ọ̀já yóò wà tàbí kò ní sí. Ṣọ́tà nìkan ló ń pinnu ìyẹn. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àwọn bá ti fi kámẹ́rà sí férémù 25 níbi tí iná bá ti jẹ́ hẹ́ẹ̀tì 50, ọ̀ràn ti tán. Kò tí ì tán. Férémù 25 pẹ̀lú ṣọ́tà 1/250 yóò fún wọn ní ọ̀já tí ó dúró gbagidi sí ojú kan, wọ́n a sì máa rò pé àbàwọ́n ni ó wà lára ògiri.

Olùkọ́ náà ti gbìyànjú àtúnṣe kan fúnra rẹ̀ kí ó tó pè mí. Ó ti gbọ́ òfin tí àwọn tí ń ya fídíò máa ń sọ, pé kí ṣọ́tà jẹ́ ìdajì àkókò férémù: bí férémù bá jẹ́ 30, kí ṣọ́tà jẹ́ 1/60. Òfin tí ó dára ni, ìrìn nǹkan ni wọ́n sì ṣe é fún. Bí ṣọ́tà bá kúrú jù, ọwọ́ tí ó ń rìn yóò hàn kedere ní férémù kọ̀ọ̀kan láìsí ohun tí ó so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì, yóò sì dà bí ẹni pé ọwọ́ náà ń ta kété láti ibì kan dé ibòmíràn. Bí ó bá gùn jù, ọwọ́ yóò fà bí ìgbà tí a fi ìka nu tàdáwà tútù. Ìdajì àkókò férémù ni ojú ènìyàn ti mọ́ lára. Ó fi ṣọ́tà sí 1/60, ó sì sọ fún mi pé, “Ó dín kù, ṣùgbọ́n kò lọ.” Òótọ́ ni. Ọ̀já náà ti di òjìji lásán, síbẹ̀ lára ògiri funfun àti lára aṣọ funfun tí ó ń rán, ó ṣì hàn.

Ìdí tí kò fi lọ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó gbé igbá sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rò, tí omi ń kán lọ́gbọọgba. Bí ó bá ń gbé igbá sábẹ́ rẹ̀ fún àkókò tí ó gba ẹ̀kán méjì gẹ́lẹ́, ìgbàkígbà tí ìbáà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán méjì ni yóò máa bá nínú igbá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbé e fún àkókò ẹ̀kán kan àti ààbọ̀, nígbà mìíràn yóò bá ẹyọ kan, nígbà mìíràn yóò bá méjì. Ìlà sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ni igbá yẹn, ṣọ́tà sì ni àkókò tí ó fi wà lábẹ́ omi. Kí gbogbo ìlà lè gba ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan náà, ìgbì tí ó bọ́ sínú ṣọ́tà gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi:

```
1/25  × 100 = 4
1/50  × 100 = 2
1/100 × 100 = 1
1/60  × 100 = 1.67
1/250 × 100 = 0.4
```

Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n jẹ́ odidi. Nínú 1/60, ìgbì kan pé, ìdá méjì nínú mẹ́ta òmíràn sì tẹ̀ lé e. Odidi ìgbì tí ó wà níbẹ̀ ti bo ọ̀pọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀já fi dín kù, ṣùgbọ́n àjẹkù náà kò jẹ́ kí ó tán. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ tí ó ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyàtọ̀ rẹ̀ ni 1/250 ń jẹ́ kí ó hàn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ni 1/60 ń jẹ́ kí ó hàn, 1/50 kò sì jẹ́ kí ohunkóhun hàn. Láti 1/60 sí 1/50 kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ lórí kámẹ́rà, kò sì sí ẹni tí yóò fi ojú lásán rí ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìrìn ọwọ́ láàárín méjèèjì.

Nítorí náà, ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a mú ṣọ́tà kúrò lórí ìdáṣe, a fi í sí 1/50, a sì fi férémù sílẹ̀ ní 30. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fọwọ́ kan iye férémù, kí olùkọ́ náà lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ṣọ́tà ni oògùn rẹ̀. Ọ̀já méjèèjì pòórá. Ògiri di funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀-ilẹ̀ tí ó máa ń wà nínú ọ̀já náà sì bá a lọ. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe nǹkan àjèjì: ẹ̀fun inú iná fuloresẹ́ńtì kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, àwọn kan a tètè kú bí iná bá rọlẹ̀, àwọn kan a ṣì máa tàn díẹ̀, èyí ni ó ń jẹ́ kí ibi tí ó dúdú ní àwọ̀ tí ó yàtọ̀ sí ibi tí ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi àtúnṣe àwọ̀ wá ìwòsàn fún irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni.

Ṣùgbọ́n láti 1/250 bọ́ sí 1/50, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọlé ti di ìlọ́po márùn-ún. Àwòrán náà funfun báláú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń yí ṣọ́tà padà, nítorí pé òun ni ó yá jù láti fi dín ìmọ́lẹ̀ kù, wọ́n a sì padà sí ìdí ìṣòro wọn. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti so ṣọ́tà mọ́lẹ̀, ibòmíràn ni a gbọ́dọ̀ ti wá ìdínkù: a kọ́kọ́ fa `ISO`, ìyẹn ìwọ̀n tí kámẹ́rà fi ń mú ìmọ́lẹ̀ tí ó gbà lágbára sí i, wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà a dín ojú lẹ́ńsì kù díẹ̀. Ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú, méjèèjì kò tó, a sì ní láti fi gíláàsì dúdú tí wọ́n máa ń dé sórí lẹ́ńsì sí i. Fífa kọ́tìnnì bo fèrèsé náà lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ kì í ṣẹ́jú, bí ó bá sì ti pọ̀ tó nínú yàrá ni ipa iná fuloresẹ́ńtì ń dín kù tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá jókòó lórí iye férémù. Férémù 30 pẹ̀lú 1/50 kò ní àbùkù kankan lábẹ́ iná náà, olùkọ́ náà ìbá sì máa lò ó lọ, bí kì í bá ṣe pé ó ní kámẹ́rà kejì tí ó ń wo abẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, férémù 25 ni ìyẹn sì ń gbà. Bí a bá da fídíò 30 pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ó jẹ́ 25, ètò tí a fi ń to fídíò yóò ju férémù kan nù nínú gbogbo mẹ́fà. Nígbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọwọ́ tí ó ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ yóò fò díẹ̀. Lórí ojú tí ó ń sọ̀rọ̀, èèyàn lè má mọ̀. Lórí aṣọ tí ó ń rìn lójú kan náà, ní ìwọ̀n eré kan náà, kò ṣe é fi pamọ́. Mo dámọ̀ràn pé kí méjèèjì jẹ́ 25 pẹ̀lú 1/50, nítorí pé níbi tí iná bá ti jẹ́ hẹ́ẹ̀tì 50, òfin ìdajì férémù àti òfin iná bọ́ sí orí nọ́ńbà kan náà, ẹni tí ó ń yà á kò sì ní láti yàn láàárín wọn.

Kámẹ́rà àkọ́kọ́ náà kò ní 25 nínú àwọn nọ́ńbà tí ó ń fi hàn. Kì í ṣe pé kò lè ṣe é. Ètò `NTSC` ni wọ́n gbé e wá lórí rẹ̀, ètò tí ó jẹ́ ti àwọn ibi tí iná ti jẹ́ hẹ́ẹ̀tì 60, ó sì fi 25 àti 50 pamọ́. A yí i sí `PAL`, ètò ti àwọn ibi tí iná ti jẹ́ hẹ́ẹ̀tì 50, nọ́ńbà méjèèjì sì yọjú. Àwọn kámẹ́rà kan máa ń béèrè pé kí a nu káàdì mọ́ kí wọ́n tó gba ìyípadà yìí, nítorí náà kí a ti kó ohun tí ó wà nínú káàdì kúrò tẹ́lẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù àti kámẹ́rà kọ̀ǹpútà, irú ìyípadà kan náà wà ní ibi tí a ti ń yan `50Hz` tàbí `60Hz`. Ohun tí ó ń ṣe kò ju pé ó ń kìlọ̀ fún ṣọ́tà ìdáṣe pé kí ó fara mọ́ àwọn ìwọ̀n tí kò léwu. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, fóònù tí kò lè dín ojú lẹ́ńsì rẹ̀ kù yóò kọ ìkìlọ̀ náà, ọ̀já á sì tún yọ. Ẹni tí ó bá wà níbi tí iná ti jẹ́ hẹ́ẹ̀tì 60 yóò fi 1/60 àti 1/120 rọ́pò 1/50 àti 1/100, ọ̀nà ìṣirò náà kò sì yí padà.

Ìbéèrè tí ó le jù ni èyí tí olùkọ́ náà béèrè lẹ́yìn tí inú rẹ̀ ti dùn sí àwòrán tuntun náà. “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí wọ́n rí bí okùn òkè ṣe ń kọ́ ti ìsàlẹ̀, kí ó máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kámẹ́rà yìí ní férémù 120. Ṣé kí n lò ó?” Lábẹ́ iná yẹn, rárá. Ṣọ́tà kò lè gùn ju férémù lọ: nínú férémù 120, ìwọ̀n tí ó gùn jù tí ṣọ́tà lè jẹ́ ni 1/120, a sì nílò ó kéré tán 1/100 kí odidi ìgbì kan lè wọlé. Kò sí bí a ṣe lè yí i. Pẹ̀lú 1/120, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà yóò hàn, nígbà tí a bá sì fà á lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣíṣẹ́jú iná náà yóò lọ pẹ̀lẹ́ bákan náà, ojú yóò wá túbọ̀ rí i. Férémù 100 pẹ̀lú 1/100 ni ààlà rẹ̀, kámẹ́rà náà kò sì ní 100.

Ọ̀nà méjì ló ṣẹ́kù. Èkíní ni kí a pa iná òkè àjà, kí a gbé máṣíìnì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kí a sì lo férémù 120 bí ó bá ṣe wù wá. Èkejì ni férémù 50 pẹ̀lú ṣọ́tà 1/100, tí a óò wá tò sínú iṣẹ́ férémù 25 kí ó lè lọ ní ìdajì eré rẹ̀. Ó yan èkejì, nítorí pé alẹ́ ni ó sábà máa ń ṣiṣẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì náà jẹ́jẹ́ kí abẹ́rẹ́ má baà yára. Ìdajì eré abẹ́rẹ́ tí kò yára ti tó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti rí ibi tí ìkọ́ abẹ́ máṣíìnì ti ń mú okùn òkè yí ká gbọ̀ngbọ̀ okùn ìsàlẹ̀. Ṣọ́tà 1/100 gba ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí 1/50 ń gbà, `ISO` sì ní láti gòkè ní ìlọ́po méjì. Ìyẹn mú kí òkùnkùn abẹ́ máṣíìnì ní àmì wínníwínní díẹ̀, a sì gbé iná tábìlì kan sí i.

Iná tábìlì yìí ló tún dá wàhálà kékeré sílẹ̀. Gílóòbù `LED` ni, tí ó ní bọ́tìnnì tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Bí a ṣe gbé e wọlé, ọ̀já tún yọ lára aṣọ funfun tí ó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò jọ ti àkọ́kọ́: wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sún mọ́ra, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́wàá nínú férémù kan. Ṣọ́tà wà lórí 1/100, ti iná òkè àjà kò sì hàn mọ́. Ìṣirò sẹ́ńsọ̀ tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ni a lò: ọ̀já tí kò pé mẹ́wàá tán nínú 2/100 ìṣẹ́jú-àáyá fi hàn pé iná náà ń ṣẹ́jú ní ìgbà tí ó dín díẹ̀ sí 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ńbà yẹn kò ti inú iná mànàmáná ilé wá. Irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ kì í dín agbára iná kù ní tòótọ́, ṣe ló ń pa gílóòbù, tí ó sì ń tàn án léraléra. Bí a bá ṣe dín in kù tó ni àkókò pípa ṣe ń gùn tó. A tan bọ́tìnnì náà dé òpin, àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì kúrò pátápátá. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wá pọ̀ jù, a gbé iná náà jìnnà sí máṣíìnì dípò kí a tún dín in kù. Àwọn kámẹ́rà kan wà tí wọ́n ń gbà wá láyè láti yí ṣọ́tà díẹ̀díẹ̀ sí nọ́ńbà bíi 1/96.2 títí tí irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ yóò fi dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ohun tí ó bá iná tábìlì mu lè má bá ti òkè àjà mu. Níbi tí a bá ti lè yí iná padà, iná ni kí a yí.

Ó ku àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀já inú wọn ṣe ń padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn férémù mẹ́ta ṣe wá lóore kan: bí a bá mú férémù mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra, tí a sì da ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀ kí a tó pín in sí mẹ́ta, ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọ̀já wà yóò pa ara wọn rẹ́, ògiri yóò sì mọ́. Ètò tí a fi ń to fídíò lè ṣe é láìsí ìnira. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ó bá rìn láàárín férémù mẹ́ta náà yóò di mẹ́ta, ìka ọwọ́ yóò ní òjìji lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ kò sì ní ṣe é rí mọ́ rárá. A wá ya àwòrán náà sọ́nà méjì: ògiri àti apá òkè férémù ni a ṣe àdàpọ̀ náà sí, a sì fi tábìlì, ọwọ́ àti máṣíìnì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ pé aṣọ aláwọ̀ dúdú ni ó ń rán, èyí ti tó, nítorí ọ̀já kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára aṣọ dúdú. Nínú ẹ̀kọ́ lórí kọ́là àti ti ọrùn ọwọ́, aṣọ funfun ni ó lò, ọwọ́ rẹ̀ sì gba iwájú ògiri kọjá léraléra. Àwọn méjèèjì yẹn ni ó tún gbà sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ní férémù 25 àti ṣọ́tà 1/50, pẹ̀lú iná tábìlì tí a tàn dé òpin.